Ibi Tí Oníbàárà Ti Ní "Ẹja Mi Bàjẹ́": Bí A Ṣe Ń Fi Àtúngbọ́ Ìpè Kọ́ Olùtajà Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Kò Tíì Balẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin kan wà lábẹ́ mi tí ó ń fi fóònù ta ínfátà àti sólà. Ó ti lo oṣù mẹ́rin. Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í sì í sá fún ìpè, ṣùgbọ́n ọjà tí ó ń tà kò tó ìdajì ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo máa ń gbà á níyànjú pé kó mú ọkàn le, kó gbà pé òun lè ṣe é. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú, gbogbo ẹ̀ á ti padà sí bó ṣe wà. Ẹnì kan ní kí n máa gbọ́ àwọn ìpè rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí kò fi ní dà bíi pé ẹjọ́ ni mo fẹ́ bá a rò?"

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́rú tí ẹ mẹ́nu bà yẹn. Ìdí tí ìyànjú ọjọ́ Ajé kì í fi í dé Ọjọ́rú ni pé kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tí ọmọ náà lè gbé sẹ́nu nígbà tí oníbàárà bá gbé fóònù. "Mú ọkàn le" kì í ṣe gbólóhùn tí a lè bá oníbàárà sọ. Ara ọmọ náà á yá fún wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìpè mẹ́ta bá ti já sí òfo léraléra, ohun tí yóò kù sí i lọ́kàn ni pé ìgboyà tí ọ̀gá òun ń sọ, òun kò ní in. Ẹ ń sá fún ẹjọ́, ẹ kò sì mọ̀ pé ìyànjú yẹn gan-an ti dá ọmọ náà lẹ́bi ní ọ̀nà tí kò lè fi wí àwíjàre.

Ní ọdún 1996, onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn méjì, Avraham Kluger àti Angelo DeNisi, kó àbájáde ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ lórí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún ènìyàn nípa bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Wọ́n rí i pé nínú ohun tí ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àbájáde náà, ńṣe ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dín iṣẹ́ náà kù. Àlàyé wọn ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń kúrò lórí iṣẹ́ tí ó ń lọ bá irú ènìyàn tí òṣìṣẹ́ náà jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ ń dín kù. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ó kan àtúngbọ́ ìpè pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìpè fún wákàtí kan tí ó wá parí rẹ̀ sí "o kì í fetí sílẹ̀" kò tíì kúrò níbi ìyànjú ọjọ́ Ajé rárá.

Ìpè tí ẹ óò kọ́kọ́ yàn ṣe pàtàkì. Ẹ má mú èyí tí ó burú jù, nítorí ojú yóò ti ọmọ náà débi tí kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ má sì mú èyí tí oníbàárà já ní ogójì ìṣẹ́jú àáyá, torí ó lè jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni ẹni náà wà. Èyí tí mo máa ń wá ni ìpè tí ó tó ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́wàá, tí ó hàn gbangba pé oníbàárà nílò ọjà náà, tí ó sì parí láìsí owó, láìsí àdéhùn ọjọ́. Bí ẹni tí ó nílò ọjà bá dúró fún ìṣẹ́jú méje tí ó sì lọ lọ́wọ́ òfo, ohun tí ó lé e lọ wà nínú ohùn yẹn.

Bí ilé iṣẹ́ yín kò bá tíì máa gba ohùn sílẹ̀, ẹ rí i dájú pé oníbàárà gbọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé a ń gbà á sílẹ̀ àti ohun tí a fẹ́ fi í ṣe, nítorí Òfin Ìdáàbòbò Détà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 béèrè pé kí ènìyàn mọ̀ bí a bá ń kó ìsọfúnni nípa rẹ̀ jọ àti ohun tí a fẹ́ fi í ṣe. Gbólóhùn kan ti tó. Kí ọmọ náà pẹ̀lú mọ̀ pé ẹ̀yin àti òun nìkan ni yóò gbọ́ ọ. Mo ti rí ọ̀gá kan tí ó tan ìpè ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sí gbangba níbi ìpàdé, tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, fóònù tirẹ̀ tí kò ní ohùn gbígbà ni ọmọ yẹn fi ń pe àwọn oníbàárà tí ó bá ṣe pàtàkì.

Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má kọ nǹkan kan sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kọ àkókò àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an, kì í ṣe èrò yín nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìpè kan tí mo gbọ́ pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí òun náà ń ta sólà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó jọ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àti ti ọmọ tiyín kò jìnnà síra.

Ìyá oní-fírísà kan, tí ó ń ta ẹja àti adìyẹ dídì, ni ó pè. Ìpè náà jẹ́ ìṣẹ́jú méje àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tí mo kọ sínú ìwé nìyí. Ní 1:20, ìyá náà ní, "Ọ̀rọ̀ iná yìí ti sú mi. Ẹja mi bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá." Ọmọ náà dáhùn pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. A ní 3.5 kVA, a ní 5 kVA, lítíọ́mù ni bátìrì wa." Láti 1:30 títí di 5:00, ọmọ náà nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀: páńẹ́lì, bátìrì, ọdún tí wáráńtì fi ń ṣiṣẹ́, iye owó. Ní 5:10, ìyá náà béèrè pé, "Ṣé ẹ máa ń gba owó díẹ̀díẹ̀?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà," ó sì padà sórí wáráńtì. Ní 6:50, ìyá náà ní, "Ó dáa, màá pè yín." Ọmọ náà ní, "Kò burú mà, a ń retí yín."

Ibi mẹ́ta ló ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ta ọjà rí yóò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Ọmọ tí ẹ bá di ẹrù mẹ́ta lé lórí yóò máa rántí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìpè tó kàn, kò sì ní gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ. Ìbéèrè tí mo fi máa ń yan ọ̀kan ni pé: èwo nínú wọn ni ó bí àwọn tó kù? Nínú ìpè yìí, ti 1:20 ni. Nítorí pé kò béèrè bí ẹja náà ṣe bàjẹ́ àti iye tó bá a lọ, nígbà tí ó dárúkọ owó, kò sí ohun tí ìyá náà lè gbé owó náà kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Owó náà kàn dá dúró bí òkè. Nítorí pé owó náà dá dúró ni ìyá náà fi béèrè nípa díẹ̀díẹ̀, ìdí kan náà ni ó sì fi ní òun yóò pè.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu dídùn rárá. Fírísà máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan ju bí ó ti ń lò lọ ní ìgbà tí mọ́tò inú rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Bí fírísà méjì tàbí mẹ́ta bá gbéra papọ̀, ínfátà tí ó dà bíi pé ó tó nínú ìwé lè kú fin-ín. Ọmọ náà ti dárúkọ 3.5 kVA fún ìyá tí kò tíì bi léèrè iye fírísà tó ní. Ká ní ìyá náà sanwó lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó padà wá pẹ̀lú ìbínú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Irú nǹkan báyìí ni ó dára jù láti fi han ọmọ iṣẹ́, nítorí ó rí i pé ìbéèrè náà jẹ́ ara iṣẹ́ bí ẹni wọn aṣọ kí ó tó gé e, kì í ṣe ọgbọ́n àrékérekè tí a fi ń mú oníbàárà.

Nígbà tí ẹ bá jókòó, kí ó jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ó ti so mọ́ ìyànjú lọ́kàn rẹ̀. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan náà tábìlì. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ìṣẹ́jú kan péré nínú ìpè náà ni ẹ fẹ́ gbọ́, láti 0:50 sí 1:50. Ẹ tan án, kí ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ó máa ń le jù fún àwa ọ̀gá, torí a ti mọ ìdáhùn, ẹnu sì ń yún wa. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ohun tí ìyá náà sọ, kì í ṣe ohun tí òun ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ṣe lọ nìyí. Mo ní, "Kí ni ìyá yẹn sọ kí o tó dárúkọ ínfátà?" Ó ní, "Ó ní iná ti sú òun." Mo tún un tàn. Ó ní, "Háà, ó ní ẹja òun bàjẹ́." Mo ní, "Ṣé o gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà?" Ó ní òun gbọ́, òun sì ní ẹ pẹ̀lẹ́. Mo wá béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà yẹn, ó sì dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyá àgbà ni. Mi ò lè máa bi í pé èló lẹja yín. Á ní kí ló kàn mí."

Ẹ wò ó: láti oṣù mélòó kan ni wọ́n ti ń sọ fún ọmọ yìí pé kò ní ìgboyà, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ilé ni ó di í lẹ́nu. A tọ́ ọ pé ọmọdé kì í wádìí owó àgbà. Kò sí ìyànjú tí ó lè tú irú ìdè bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àfi ìgbà tí a dúró sí 1:20 tí a sì béèrè. Ohun tí ó tú u ni pé kí a wá bí ọmọdé ṣe lè bi àgbà léèrè tí kò fi ní jẹ́ àrífín, èdè wa kò sì ṣaláìní i. Ẹ kọ́kọ́ bá a kẹ́dùn, ẹ sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ béèrè, lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè. Gbólóhùn tí àwa méjèèjì jọ kọ sílẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì tún ṣe kí ó lè bá ẹnu rẹ̀ mu, ni èyí:

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, àdánù ńlá nìyẹn. Kí n má baà júwe èyí tí kò ní lè gbé fírísà yín fún yín mà, mélòó ni wọ́n, báwo sì ni ẹja yẹn ṣe bàjẹ́?"

Ẹ kíyè sí i pé kò béèrè owó. Bí ènìyàn bá bi oníṣòwò bí ọjà rẹ̀ ṣe bàjẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dárúkọ iye rẹ̀, nítorí ó ń dùn ún. Ọmọ náà kò gbà mí gbọ́ títí ó fi dán an wò.

Ẹ má jẹ́ kí ó dìde kí ó tó sọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ àtúngbọ́ kì í so èso nítorí pé ọ̀rọ̀ náà parí sí "mo ti gbọ́, ọ̀gá." Ẹ di oníbàárà, kí ó pè yín, ìṣẹ́jú méjì péré, kí ẹ sì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ dá a lóhùn wẹ́rẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ dá a lóhùn ní ṣókí, "Méjì ni, èló ni ẹ ń tà á?", kí ẹ rí i bóyá yóò sá padà sórí iye owó. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ìyá tí ó ń kánjú, tí ó ní oníbàárà níwájú. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn ni ti ọmọ tí mò ń sọ wó lulẹ̀, ìdí sì nìyí tí a fi ń ṣe é nínú yàrá wa kí ó tó di ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ ra ọjà. Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú gbígbọ́, kò yẹ kí ó kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ń sọ̀rọ̀ jù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ mú ìpè mẹ́wàá, kí ẹ sì gbọ́ ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ nìkan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ ń dáhùn: ǹjẹ́ ó béèrè nípa ìṣòro oníbàárà kí ó tó dárúkọ ọjà tàbí owó? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ má ka iye ọjà tí ó tà ní ọ̀sẹ̀ yẹn sí i. Ẹni tó fẹ́ ra sólà lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó kó owó jọ, nítorí náà títà kò lè tètè sọ fún yín bóyá ẹ̀kọ́ náà wọlé, ìṣẹ́jú méjì yẹn sì lè sọ ọ́. Ọmọ tí mo ń sọ ṣe é nínú mẹ́ta lára mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ṣe é nínú méje ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tí mo fi ìwé náà hàn án, kò pọn dandan kí n yìn ín. Ó kà á fúnra rẹ̀.

Ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àṣìṣe mìíràn yóò yọjú láti inú àtúnṣe náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ náà ti ń bi oníbàárà ní ìbéèrè mẹ́rin mẹ́rin léraléra bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà: mélòó ni fírísà yín, wákàtí mélòó ni iná yín, ṣé ẹ ní jẹnẹrétọ̀, èló ni ẹ ń fi ra epo? Ìdáhùn oníbàárà ń kúrú sí i, ohùn rẹ̀ ń tutù, èyí sì ni àmì tí ẹ óò fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má bínú, ẹ má sì sọ pé kí ó padà sí bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ohun tí a fi kún un ni pé, lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kí ó lo ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ kí ó tó béèrè èyí tó kàn: "Páálí mẹ́ta kẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo? Ṣé jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́ ni mà?" Ìbéèrè náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀rọ̀ ènìyàn méjì.

Ẹ tún máa tan ìpè tí ó dára fún un, tirẹ̀ ni kó jẹ́, kì í ṣe ti ẹni tí ó ń tà jù nínú ilé iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá fẹ́ràn láti fi ìpè ẹni tó mọ̀ ọ́n tà kọ́ àwọn tó kù, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ tuntun máa ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni ohùn àti ẹ̀rín ẹni náà, yóò sì lọ fara wé ẹ̀rín.

Ó ku ohun kan tí ó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí, ó sì lè dá iṣẹ́ púpọ̀ dúró fún yín. Ibo ni nọ́ńbà àwọn ènìyàn tí ọmọ náà ń pè ti ń wá? Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, àwọn àgbà olùtajà ni ó ń gba àwọn tí ẹlòmíràn júwe wá, wọn a sì ju nọ́ńbà àtijọ́ tí wọ́n ti pè ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí ọmọ tuntun. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì pín nọ́ńbà tuntun dọ́gba láàárín òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kan. Bí títà wọn bá sún mọ́ra, ìpè rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro yín. Bákan náà, bí ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ bá ti tọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí àwọn oníbàárà sì ń sọ pé owó yín ga ju ti àwọn ẹlòmíràn fún ọjà kan náà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹni tí ó ń fi iye lé ọjà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ náà ń sọ ọ́ dáadáa nígbà tí ẹ bá jọ dán an wò, tí kì í sì í sọ ọ́ nínú ìpè rárá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ padà síbi ìbéèrè tí mo bi ti tèmi, ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, nítorí ìdè náà kò tíì tú, tàbí kó jẹ́ pé òmíràn ni.

Ní ti "màá pè yín" tí ó wà ní 6:50, ìgbà tí 1:20 bá ti dúró dáadáa ni kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ti ọmọ tèmi, òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ó wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó tan ìpè kan tí mi ò tíì gbọ́, ó dá a dúró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ibí yìí. Ó ní òun á pè mí, mo sì ní kò burú. Kí ló yẹ kí n sọ?" Mo ní kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó rò fún mi, ó ní, "Ṣé kí n ní, ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ lọ̀, kí n lè fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó rí wọn?" A jókòó, a sì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.